Yẹtí wo ni etí mi yóò gbà? Góòlù àfibò, sítéènlẹ́ẹ̀sì, idẹ àbí fàdákà

ÌyáAyọ̀_Kúbwà (Ọjọ́ Àìkú, 8:40 alẹ́)

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Ẹ dákun, etí mi ń dà mí láàmú. Sátidé tó lọ lọ́hùn-ún la ṣe ìgbéyàwó kan ní Lọ́kọ́ja. Mo ra yẹtí àti ẹ̀gbà ọrùn góòlù àfibò ní ọjà Wúsè fún un, ₦8,000 ni wọ́n tà á fún mi. Ó wù mí lójú gan-an. Láti àárọ̀ di alẹ́ ni mo fi wọ̀ ọ́, oòrùn sì mú lọ́jọ́ náà, òógùn bò mí láti orí dé ẹsẹ̀. Kò ṣe mí ní nǹkan kan lọ́jọ́ yẹn. Ọjọ́ Ajé ló bẹ̀rẹ̀ sí í yún mi. Nígbà tó fi máa di Ọjọ́rú, ihò etí méjèèjì ti wú, omi ń sun lára wọn, ó ń gbẹ di èépá. Ẹ̀yìn ọrùn mi náà sú wẹ́wẹ́ níbi tí ìkọ́ ẹ̀gbà náà wà.

Ohun tí kò yé mi ni pé yẹtí góòlù kékeré tí màmá mi fún mi nígbà tí mo pé ọmọ ọdún 18, mo ń wọ̀ ọ́ sùn, mo ń wọ̀ ọ́ wẹ̀, kò yún mi rí.

Ìgbéyàwó ọmọ ẹ̀gbọ́n ọkọ mi ń bọ̀ níbí ní Àbújá, ó ku ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Mi ò lè jókòó láàárín àwọn ìyá ọkọ mi kí etí mi ṣófo. Ṣé kí n wá góòlù àfibò tó wọ́n ju èyí lọ ni, àbí sítéènlẹ́ẹ̀sì, àbí idẹ, àbí fàdákà? Ẹni tí irú rẹ̀ ti ṣe rí, kó jọ̀ọ́ dá mi lóhùn.

Bísí_Lúgbẹ̀ (Ọjọ́ Àìkú, 9:05 alẹ́)

Pẹ̀lẹ́, màámi. Sítéènlẹ́ẹ̀sì ni kẹ́ ẹ rà, ẹ má wulẹ̀ wo ẹ̀yìn. Kò sí níkẹ́lì nínú rẹ̀ rárá, níkẹ́lì yẹn ló sì ń yún èèyàn. Ọdún kẹta rèé tí mo ti ń wọ tèmi, mo ń wọ̀ ọ́ wẹ̀, mo ń wọ̀ ọ́ se oúnjẹ, kò ṣá, kò yún mi.

Akin_Káríímù (Ọjọ́ Àìkú, 9:31 alẹ́)

Ẹ sá fún idẹ o! Mo ra ẹ̀gbà ọwọ́ idẹ kan ní Bídà nígbà tí a lọ síbẹ̀, kò tó ọjọ́ méjì tí ọwọ́ mi fi di àwọ̀ ewé. Ara mi kò gbà á nìyẹn. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá fi ọsàn wẹ́wẹ́ àti iyọ̀ fọ̀ ọ́, á tún dán padà.

Alágbẹ̀dẹWúrà_Útàkò (Ọjọ́ Àìkú, 11:12 alẹ́)

Ìyá Ayọ̀, ẹ pẹ̀lẹ́. Ọdún 19 rèé tí mo ti ń ṣiṣẹ́ góòlù àti fàdákà, etí tí wọ́n gbé wá bá mi báyìí kò lóǹkà. Ẹ má bínú bí ọ̀rọ̀ mi bá gùn.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ yanjú ti idẹ. Akin, àwọ̀ ewé tó wà lọ́wọ́ rẹ kì í ṣe pé ara rẹ kọ̀ ọ́. Bàbà ló pọ̀ jù nínú idẹ, síǹkì ni wọ́n pò mọ́ ọn. Iyọ̀ inú òógùn ló ń jẹ bàbà yẹn díẹ̀díẹ̀, ohun tó bá jẹ kúrò ló ń di ewé lára. Fi ọṣẹ fọ ọwọ́ rẹ, ó ti lọ. Ó yún ọ bí? Ó wú bí? Bí kò bá yún, tí kò wú, àwọ̀ lásán ni. Ti Ìyá Ayọ̀ yàtọ̀ pátápátá.

Bí wọ́n ṣe ń ṣe yẹtí ₦8,000 yẹn nìyí. Idẹ tàbí irin pọ́ọ́kú mìíràn ló wà nísàlẹ̀. Bí wọ́n bá da góòlù lé idẹ lórí tààrà, bàbà inú idẹ á máa yọ́ gba inú góòlù jáde, àwọ̀ rẹ̀ á sì bàjẹ́. Torí náà ọ̀pọ̀ wọn a kọ́kọ́ fi níkẹ́lì bo idẹ náà, kó lè dán, kó sì sé bàbà mọ́. Orí níkẹ́lì yẹn ni góòlù wà. Góòlù yẹn kò nípọn rárá. Irun orí èèyàn kan tó nǹkan bí 70 máíkírọ́ọ̀nù ní ìnípọn, góòlù orí ọ̀ṣọ́ olówó pọ́ọ́kú kì í sì í sábà tó ìdajì máíkírọ́ọ̀nù kan. Ohun tó fẹ́lẹ́ tó bẹ́ẹ̀, kódà nígbà tó ṣì jẹ́ tuntun, ó ní ihò wẹ́wẹ́ tí ojú kò lè rí. Òógùn á gba inú ihò wọ̀nyẹn bá níkẹ́lì nísàlẹ̀, níkẹ́lì á yọ́, ara á sì fà á mu. Ibi tó bá ń ha ara jù, bí ọ̀pá tó wọ inú ihò etí àti ìkọ́ ẹ̀yìn ọrùn, ni góòlù ti ń kọ́kọ́ họ. Ẹ ò rí i pé ibi méjèèjì yẹn gan-an ló yún yín? Iwájú yẹtí ṣì lè máa kọ mànà bí ihò etí ṣe ń sun omi.

Góòlù tí màmá yín fún yín, ó jọ pé góòlù gidi ni látòkè délẹ̀. Fàdákà àti bàbà ni a sábà máa ń pò mọ́ góòlù pupa. Ẹ ṣọ́ra fún góòlù funfun o, nítorí a máa ń fi níkẹ́lì sọ òmíràn nínú wọn di funfun.

Bísí, sítéènlẹ́ẹ̀sì dára, àmọ́ ẹ má ṣe sọ pé kò sí níkẹ́lì nínú rẹ̀. Èyí tí wọ́n ń kọ 316L sí lára ní níkẹ́lì tó nǹkan bíi 10 sí 14 nínú ọgọ́rùn-ún. Ohun tó mú kó rọrùn fún ara ni kírómíọ̀mù tó wà nínú rẹ̀. Bí afẹ́fẹ́ bá kàn án, ó ń ṣe awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan tó lẹ̀ mọ́ irin náà, awọ yẹn ló sé níkẹ́lì mọ́lé. Bí ẹ bá ha á, awọ mìíràn á tún hù. Nítorí náà ìwọ̀nba tó ń jáde kéré débi pé ọ̀pọ̀ ẹni tí níkẹ́lì ń bá jà lè wọ̀ ọ́ láìsí wàhálà. Ọ̀pọ̀, kì í ṣe gbogbo wọn.

Bísí_Lúgbẹ̀ (Ọjọ́ Ajé, 6:50 àárọ̀)

Bàbá, ẹni tó tà á fún mi ló sọ bẹ́ẹ̀, ó tún kọ ọ́ sára páálí rẹ̀. Ṣùgbọ́n èmi ń wọ̀ ọ́, kò ṣe mí ní nǹkan kan, ìyẹn náà kì í ṣe irọ́.

Nọ́ọ̀sì_Gwárínpà (Ọjọ́ Ajé, 7:22 àárọ̀)

Àbúrò mi Bísí, bóyá níkẹ́lì kò bá ọ jà rí ni. Góòlù àfibò náà lè má ṣe ọ́ ní nǹkan kan. Kì í ṣe gbogbo ara ló ń kọ níkẹ́lì, ìdí nìyẹn tí ẹ̀rí ẹni tí ara rẹ̀ gba ohun gbogbo kò fi ran ẹni tí tirẹ̀ kọ̀ lọ́wọ́.

Ìyá Ayọ̀, ẹ wo bó ṣe jẹ́ pé Sátidé lẹ wọ̀ ọ́, tó jẹ́ Ọjọ́ Ajé ló bẹ̀rẹ̀. Bí irú rẹ̀ ṣe ń ṣe nìyẹn. Ó sábà máa ń pé ọjọ́ kan sí mẹ́ta kó tó yọ jáde, ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ èèyàn fi ń di ẹ̀bi ru ọṣẹ tàbí oúnjẹ. Ẹ jẹ́ kí n bi yín ní ìbéèrè méjì. Ṣé abẹ́ ìdodo yín ń yún yín bí ẹ bá wọ ṣòkòtò jíìnsì tí bọ́tìnì irin rẹ̀ kan ara? Ṣé aago ọwọ́ ti yún yín rí? Bí ara bá ti mọ níkẹ́lì ní ọ̀tá lẹ́ẹ̀kan, kì í gbàgbé mọ́. Ohun tí ẹ máa ṣe ni pé kẹ́ ẹ yàgò fún un.

Èyí tó ń ṣe yín báyìí ńkọ́? Ẹ má fi yẹtí kankan sí i títí yóò fi gbẹ pátápátá. Ẹ má fi róòbù tàbí ìpara àdàlù tí wọ́n ń tà lọ́jà pa á. Bí ó bá ń gbóná, tí ó ń ṣọyún, tàbí tí ibà dé sí i, ẹ tètè lọ sí ilé ìwòsàn, nítorí kòkòrò ti wọ ibẹ̀ nìyẹn, kì í ṣe níkẹ́lì nìkan mọ́.

ÌyáAyọ̀_Kúbwà (Ọjọ́ Ajé, 1:15 ọ̀sán)

Háà! Nọ́ọ̀sì, abẹ́ ìdodo! Ó ti tó ọdún mẹ́rin tí ibẹ̀ ti ń dúdú, tó ń yún mi, mo rò pé ooru ni. Aago kan náà wà tí mo ti pa tì nítorí ọwọ́ mi. Kò sọ sí mi lọ́kàn rí pé ọ̀rọ̀ kan náà ni gbogbo wọn.

Ẹ̀gbọ́nKánò (Ọjọ́ Ajé, 4:48 ìrọ̀lẹ́)

Ẹ fi gbogbo ìyẹn sílẹ̀, fàdákà ni. Ọdún kejìlélógún mi rèé ní Kánò, ìyàwó mi kì í wọ nǹkan mìíràn. Mo máa ń rà á lọ́wọ́ àwọn alágbẹ̀dẹ Hausa nínú ọjà Kùrúmì. Bí ó bá dúdú ní àsìkò ọyẹ́, eérú ló fi ń nù ún. Kò wọ́n, kò sì yún un rí.

Alágbẹ̀dẹWúrà_Útàkò (Ọjọ́ Ajé, 9:20 alẹ́)

Mo fara mọ́ ẹ̀gbọ́n lórí fàdákà gidi. Fàdákà tí wọ́n ń lu 925 sí lára, nínú 1,000 rẹ̀, 925 jẹ́ fàdákà, èyí tó kù sì sábà máa ń jẹ́ bàbà. Ọ̀rẹ́ etí ni. Ṣùgbọ́n ẹ má fi eérú nù ún mọ́, eérú ń ha á. Ọṣẹ àti omi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ pẹ̀lú aṣọ rírọ̀ ti tó.

Ibi tí mo ti fẹ́ dá yín dúró ni “kò wọ́n” yẹn. Ohun kan wà tí wọ́n ń pè ní fàdákà Jámánì. Kò sí fàdákà kankan nínú rẹ̀. Bàbà, síǹkì àti níkẹ́lì ni, níkẹ́lì yẹn ló sì sọ ọ́ di funfun tó ń dán bíi fàdákà. Lójú ọjà, fàdákà ni, fàdákà ni wọ́n sì máa pè é fún yín. Fún ẹni bíi ti Ìyá Ayọ̀, ó burú ju góòlù àfibò lọ, nítorí kò sí ohun tó bò níkẹ́lì rẹ̀ rárá. Mi ò sọ pé irú èyí ni wọ́n ń tà fún ẹ̀gbọ́n. Ohun tí mo ń sọ ni pé kí ẹ wo àmì 925 lára ọ̀pá yẹtí fúnra rẹ̀, kí ẹ sì bi ara yín léèrè bí iye tí wọ́n pè é bá ti kéré jù.

Ẹ̀gbọ́nKánò (Ọjọ́ Ajé, 9:57 alẹ́)

Alágbẹ̀dẹ, ojú mi ni wọ́n ṣe ń yọ́ ọ. Mo mọ ẹni tí mò ń rà á lọ́wọ́ rẹ̀.

Alágbẹ̀dẹWúrà_Útàkò (Ọjọ́ Ajé, 10:03 alẹ́)

Ìyẹn dára, ẹ̀gbọ́n. Ìyá Ayọ̀ ló yẹ kó ṣọ́ra, ẹni tó ń lọ ra ti aláìmọ̀rí.

Túndé_Karú (Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 8:11 àárọ̀)

Kí ló dé tí ẹ kò lo òòfà? Ẹ mú òòfà kékeré lọ sọ́jà. Èyí tó bá fà mọ́ òòfà ni níkẹ́lì wà nínú rẹ̀, èyí tí kò bá fà mọ́ ọn ni kẹ́ ẹ rà.

Alágbẹ̀dẹWúrà_Útàkò (Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 1:40 ọ̀sán)

Túndé, bí òòfà bá fa yẹtí, irin wà nínú rẹ̀, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ayédèrú. Ibẹ̀ lo ti gbà á. Ṣùgbọ́n bí kò bá fà á, ìyẹn kò túmọ̀ sí pé kò sí níkẹ́lì. Níkẹ́lì tí wọ́n fi bo idẹ fẹ́lẹ́ débi pé òòfà ọwọ́ rẹ kò ní mọ̀ ọ́n. Fàdákà Jámánì pàápàá kì í fà mọ́ òòfà.

Ohun tó ń fi níkẹ́lì hàn gan-an ni omi àyẹ̀wò níkẹ́lì, wọ́n ń tà á lórí ayélujára. Ìgò kéékèèké méjì ni. Ẹ ó kán ẹ̀kán kan láti inú ìgò kọ̀ọ̀kan sí orí òwú tí ẹ fi ń nu etí, ẹ ó fi ra ojú irin náà fún nǹkan bí ààbọ̀ ìṣẹ́jú. Bí òwú bá di pupa rẹ́súrẹ́sú, níkẹ́lì ń jáde lára rẹ̀. Kì í ba ọ̀ṣọ́ jẹ́. Òórùn ọ̀kan nínú wọn le, torí náà ẹ ṣe é níbi tí afẹ́fẹ́ ti ń fẹ́, ẹ má jẹ́ kó kan ara yín. Ibi tó ń kan ara ni kẹ́ ẹ fi òwú náà ra, ọ̀pá àti ìkọ́, kì í ṣe iwájú nìkan. Bí òwú bá funfun, ìyẹn kò fi gbogbo ara dá a láre o. Bí góòlù orí rẹ̀ kò bá tíì họ, níkẹ́lì ìsàlẹ̀ lè sá pa mọ́ fún un.

ÀǹtíRónkẹ́_Nyànyà (Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 3:30 ọ̀sán)

Èmi a máa kun ọ̀pá yẹtí mi pẹ̀lú ọ̀dà èékánná aláìláwọ̀, ó sì ń gbà mí sílẹ̀ fún òde kan. Ẹ lè fi ṣe ti bọ́tìnì jíìnsì náà.

Nọ́ọ̀sì_Gwárínpà (Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 6:02 ìrọ̀lẹ́)

Ti bọ́tìnì, mo gbà, bí ẹ bá ń tún un kùn. Ti ọ̀pá tó ń wọ inú ihò etí, mi ò fọwọ́ sí i. Ó ń họ nígbà tí ẹ bá ń tì í wọlé, ọ̀dà náà fúnra rẹ̀ sì ń bá ara àwọn mìíràn jà. Etí tó ti ń sun omi kò yẹ ní ibi tí a ó ti máa dán nǹkan wò.

ÌyáAyọ̀_Kúbwà (ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà, Sátidé, 10:25 àárọ̀)

Ẹ kú àárọ̀ o, mo padà dé. Etí ti gbẹ, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo yín. Mo ra omi àyẹ̀wò náà, èmi àti ọkọ mi jókòó sí ẹ̀yìnkùlé, a kó gbogbo ohun tó jẹ́ irin nínú ilé wá.

Yẹtí Wúsè: iwájú rẹ̀, òwú funfun. Ọ̀pá rẹ̀, òwú pupa bíi omi sóbò tí wọ́n bu omi là. Ìkọ́ ẹ̀gbà ọrùn rẹ̀, ó tún pupa jù bẹ́ẹ̀ lọ. Góòlù màmá mi, funfun látòkè délẹ̀. Ẹ̀yìn aago tí mo pa tì, funfun, ṣùgbọ́n ìdè okùn rẹ̀ pupa. Bọ́tìnì jíìnsì ló pupa ju gbogbo wọn lọ, ọkọ mi tiẹ̀ dákẹ́ ó ń wò ó. Ẹ̀gbà ọwọ́ idẹ Bídà tí àbúrò mi gbàgbé sílé wa, funfun. Mo wọ̀ ọ́ fún ọjọ́ méjì, ọwọ́ mi di ewé, kò yún mi, ó rí bí bàbá alágbẹ̀dẹ ṣe wí.

Èyí tó dùn mí ni ẹ̀gbà ọrùn fàdákà tí ọkọ mi rà fún mi ní ọdún méjì sẹ́yìn. Ẹ̀gbà náà funfun, 925 wà lára rẹ̀, àmọ́ ìkọ́ rẹ̀ pupa. Ìkọ́ nìkan! Mo ti fi sílẹ̀ torí pé mo rò pé fàdákà kò bá mi lára mu.

Mo ra yẹtí sítéènlẹ́ẹ̀sì 316L, òwú funfun. Etí ọ̀tún gbà á. Etí òsì tún bẹ̀rẹ̀ sí í yún mi ní ọjọ́ kejì, kò wú, ó kàn ń yún. Kí ni mo ṣe tí kò dára?

Alágbẹ̀dẹWúrà_Útàkò (Sátidé, 12:38 ọ̀sán)

Ẹ kò ṣe nǹkan kan tí kò dára. Ẹni tó bá fẹ́ lè lu 316L sára irin èyíkéyìí, wọ́n sì lè ti fi irin tó rẹlẹ̀ ṣe ọ̀pá òsì. Ẹ yí wọn padà, ẹ fi ti ọ̀tún sí òsì fún ọjọ́ mẹ́ta.

Ẹ mú ẹ̀gbà ọrùn fàdákà náà wá, kí n fi ìkọ́ fàdákà rọ́pò ìkọ́ rẹ̀. Ẹ mú yẹtí Wúsè náà wá pẹ̀lú, bó bá jẹ́ èyí tó ń rọ̀ sísàlẹ̀. Mo lè yọ ọ̀pá rẹ̀ kúrò, kí n fi ìwọ̀ fàdákà 925 sí i. Níwọ̀n ìgbà tí ìwọ̀ nìkan bá ń kan etí, tí èyí tó ń rọ̀ kò sì kan ọrùn, ẹ lè wọ̀ ọ́ lọ sóde. Owó iṣẹ́ rẹ̀ kò ní tó iye tí ẹ fi rà á.

Nọ́ọ̀sì_Gwárínpà (Sátidé, 2:10 ọ̀sán)

Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ní kó yí wọn padà báyìí. Lójú tèmi, etí òsì yẹn kò tíì jinná tán nínú. Òkè lè gbẹ kí inú ihò ṣì tutù, awọ tó ṣì tutù sì máa ń fèsì sí níkẹ́lì kékeré tí awọ líle kò ní kà sí. Kó fi sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì sí i. Bó bá tún yún un, kó lọ bá dókítà awọ ara. Wọ́n á lẹ oríṣiríṣi nǹkan mọ́ ọn lẹ́yìn, wọ́n á ṣí i lẹ́yìn ọjọ́ méjì, wọ́n á tún wò ó lẹ́yìn ìyẹn, nítorí kì í ṣe níkẹ́lì nìkan ló ń bá ara jà. Àwọn kan wà tí góòlù gan-an ń yún.

Alágbẹ̀dẹWúrà_Útàkò (Sátidé, 2:31 ọ̀sán)

Bí kò bá tíì jinná, kí ló dé tí ọ̀tún kò fi yún un?

Bísí_Lúgbẹ̀ (Sátidé, 3:04 ọ̀sán)

Ṣé ẹ̀gbẹ́ òsì lẹ máa ń fi sùn, màámi? Tàbí ìpara irun ló ń kán sí i? Èmi kàn ń béèrè ni. Mo ti bi ẹni tó ń tà á fún mi léèrè ọ̀rọ̀ níkẹ́lì yẹn, kò mọ ohun tí mò ń sọ.

ÌyáAyọ̀_Kúbwà (Sátidé, 5:46 ìrọ̀lẹ́)

Òsì ni mo fi ń sùn lóòótọ́, Bísí. Mo ti yọ ti òsì. Ọjọ́ Ajé ni mò ń gbé ẹ̀gbà ọrùn àti yẹtí Wúsè wá sí Útàkò, bàbá, tó bá yá kí ẹ bá mi fi ìwọ̀ náà sí i. Títí di ọjọ́ ìgbéyàwó, mi ò ní fi nǹkan kan sí etí òsì. Bó bá tún kọ ìwọ̀ fàdákà lọ́jọ́ náà, góòlù kékeré màmá mi wà nínú àpò mi.